Aago mélòó ni lọ́dọ̀ yín? Bí a ṣe ń kọ ìpè ìsọmọlórúkọ láífù fún ẹbí tó wà lókè òkun

Ìbéèrè yìí ò tán lẹ́nu àwọn èèyàn. Wọ́n á ní ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ sọmọ lórúkọ, ẹbí wa kan wà ní Lọ́ńdọ̀n, òmíràn wà ní Hiúsítìn, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wà ní Dùbáì, kí la máa kọ ránṣẹ́ sí wọn tí gbogbo wọn á fi wọlé lásìkò kan náà? Ọ̀pọ̀ ló rò pé kámẹ́rà ni wàhálà ibẹ̀, tàbí dátà. Kámẹ́rà kì í fa ìjà nínú ẹbí o. Aago tẹ́ ẹ kọ sínú ìpè ló ń fà á. Torí náà ìpè yẹn gan-an la máa dì mú níbí, bẹ́ ẹ ṣe máa ṣírò aago ẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ọ́, àti ìgbà tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́.

Ohun tójú wa rí ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta

Àbúrò mi obìnrin bímọ ní Sọ́ńdè, 19 Oṣù Kẹwàá 2025. Ẹ mọ bí a ṣe ń kà á, ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ni ọjọ́ kìíní, nítorí náà ọjọ́ kẹjọ bọ́ sí Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, 26. Ní Túsìdeè ni mo jókòó láti kọ ìpè sí gúrúùpù ẹbí, mo wo aago Lọ́ńdọ̀n lórí fóònù mi, mo rí i pé ọgbọọgba lòun àti tiwa, mo bá kọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé aago mẹ́jọ àárọ̀, Nàìjíríà àti Lọ́ńdọ̀n. Òótọ́ sì ni lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́. Àṣé òru Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè yẹn gan-an ni wọ́n máa dá aago padà ní wákàtí kan nílùú ọba, èmi ò rántí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ pàápàá ò rántí sọ fún mi, torí fóònù wọn ló ń bá wọn yí i lóru, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Àǹtí wa àgbà tó ń gbé ní Pẹ́kàmù ló yẹ kó pe orúkọ tí ìdílé ìyá wa fún ọmọ. Ó ti wẹ̀, ó ti wé gèlè, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì ka orí tábìlì, aago mẹ́jọ lù lọ́dọ̀ ẹ̀, ó tẹ líǹkì. Aago mẹ́sàn-án ti lù lọ́dọ̀ tiwa. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni ẹ̀yìn ọmọkùnrin kan tó ń gbé kúlà kọjá, lẹ́yìn ẹ̀ ló rí àwọn obìnrin tó ń bu ìrẹsì. Àwo oyin ti ṣófo, eṣinṣin ti bà lé e. Ó pè mí, kò kí mi, ó kàn ní "Ṣé ẹ ti sọ ọ́ lórúkọ ni?" Mi ò rí nǹkan sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ò fi gbé fóònù mi, ìyá wa ló bá mi bẹ̀ ẹ́.

Látọjọ́ náà ni mo ti jókòó kọ́ nǹkan yìí dáadáa, ọ̀nà tí mò ń gbà ṣe é báyìí rèé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú aago orúkọ, ẹ má mú aago àríyá

Ẹni tó wà nílé lè dé ní 8 kó jókòó títí di 11, oúnjẹ wà, ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó jí lóru ní Hiúsítìn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú tí wọ́n bá gbé ọmọ jáde, tí wọ́n fi oyin àti iyọ̀ kàn án lẹ́nu, tí wọ́n pe orúkọ, ìyẹn nìkan ló torí ẹ̀ jí. Nítorí náà aago méjì lẹ máa mú: èyí tí láífù máa bẹ̀rẹ̀, àti èyí tẹ́ ẹ máa dárúkọ ọmọ. Ìdajì wákàtí tó láàárín méjèèjì. Ẹ lọ bá pásítọ̀ tàbí àlùfáà tàbí bàbá àgbà tó máa ṣe é, ẹ sọ fún un kedere pé àwọn kan ń jí lóru torí èyí, 8:30 la fẹ́ dárúkọ, bí ìwàásù bá wà ẹ jẹ́ ká fi í sẹ́yìn orúkọ. Èmi ò rí èyí tó kọ̀ rí, tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ yẹn kẹ́ ẹ tó sọ ọ́, ẹ ti pẹ́.

Kẹ́ ẹ tó fẹnu kò lórí 8 yẹn pàápàá, ẹ wo ohun tó máa ṣe fáwọn tòkèèrè. Lọ́jọ́ tiwa yẹn, 8:00 àárọ̀ l'Ékòó jẹ́ 2:00 òru ní Hiúsítìn àti 3:00 òru ní Tòróńtò. Ká ní a ti sún un sí 12:00 ọ̀sán ni, Lọ́ńdọ̀n á wà ní 11:00 àárọ̀, Tòróńtò 7:00 àárọ̀, Hiúsítìn 6:00 àárọ̀, Dùbáì 3:00 ọ̀sán, Mẹ́lìbọ̀n ní Ọsirélíà 10:00 alẹ́. Kò sẹ́ni tó wà lójú oorun àárín òru níbẹ̀. Mo ti gbìyànjú aago míì, 12 ọ̀sán yìí ló gba gbogbo wọn jù. Ìṣòro ẹ̀ ni pé àwọn àgbà ò fẹ́ràn kí wọ́n sọmọ lórúkọ nígbà tí oòrùn ti mú, àwọn mùsùlùmí ní Ìsàlẹ̀ Èkó ń fẹ́ parí tiwọn láàárọ̀ kùtù, tó bá sì jẹ́ Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀ṣì wà. Ẹ bá wọn sọ ọ́ o, tí wọ́n bá kọ̀, ẹ jẹ́ kó wà ní 8, ẹ ṣáà máa bá ìgbésẹ̀ tó kù lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ to ìlú, ẹ má to orílẹ̀-èdè

"Aago Amẹ́ríkà" ò sí. Niú Yọ́ọ̀kì àti Hiúsítìn fi wákàtí kan jura lọ, Niú Yọ́ọ̀kì àti Lọ́ọ̀sì Ánjẹ́lẹ́ẹ̀sì fi mẹ́ta jura lọ. Kánádà náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú bébà, ẹ kọ orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ fẹ́ kó wò ó, ẹ kọ ìlú tó wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá parí, ẹ máa rí i pé ẹbí tẹ́ ẹ rò pé ó fọ́n káàkiri ayé ò ju ìlú márùn-ún mẹ́fà lọ. Tí ẹnì kan bá ń rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ yẹn, ìlú tó máa wà lọ́jọ́ náà ni kẹ́ ẹ kọ, ìlú tí ilé ẹ̀ wà ò kàn án.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣírò aago ọjọ́ náà, ẹ má ṣírò tòní

Ibi tí mo ti ṣubú nìyí, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣubú sí. Aago tiwa l'Ékòó kì í yí padà, láti Oṣù Kìíní dé Oṣù Kejìlá, ibi kan náà ló wà. Aago tiwọn ló ń rìn. Nílùú ọba, wọ́n máa ń sún un síwájú ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn Oṣù Kẹta, wọ́n á dá a padà ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn Oṣù Kẹwàá. Ní Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ ibi ní Kánádà, Sọ́ńdè kejì nínú Oṣù Kẹta ni wọ́n ń sún un síwájú, Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń dá a padà. Ẹ rí i pé déètì wọn ò bára mu, torí náà ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wà nínú ọdún tí ọ̀kan ti yí tí èkejì ò tíì yí.

Ohun tó jáde nínú ẹ̀ nìyí:

- Lọ́ńdọ̀n: nígbà ooru ọgbọọgba ni pẹ̀lú Èkó, nígbà òtútù Èkó fi wákàtí 1 ṣíwájú.
- Niú Yọ́ọ̀kì àti Tòróńtò: nígbà ooru Èkó fi 5 ṣíwájú, nígbà òtútù 6.
- Hiúsítìn: nígbà ooru 6, nígbà òtútù 7.
- Dùbáì: àwọn ló fi 3 ṣíwájú wa, kì í yí.

Ọsirélíà ní tirẹ̀, nígbà tí òtútù bá ń mú àwọn ará Lọ́ńdọ̀n ni ooru ń mú wọn ní Mẹ́lìbọ̀n, aago wọn sì ń yí lódì sí ti àwọn tó kù. Wọ́n fi wákàtí 10 ṣíwájú wa láti Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kẹwàá títí di Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kẹrin, lẹ́yìn náà ó di 9.

Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ò ní dúró de kàlẹ́ńdà ẹnikẹ́ni, nítorí náà bí wọ́n bá bímọ ní ìparí Oṣù Kẹta tàbí ìparí Oṣù Kẹwàá, ẹ fura. Ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ ìpè lè wà lápá ìhín, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ á wà lápá ọ̀hún. Lọ́dún 2026, ọjọ́ tí ìlú ọba máa yí aago ni 29 Oṣù Kẹta àti 25 Oṣù Kẹwàá, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 8 Oṣù Kẹta àti 1 Oṣù Kọkànlá.

Ẹ ṣọ́ra fún aago àgbáyé tó wà lórí fóònù yín. Ohun tó ń fi hàn yín ni aago ìsinsìnyí, kò mọ̀ pé Sọ́ńdè tó ń bọ̀ lẹ ń bi í. Ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ fi déètì sí i ni kẹ́ ẹ lò. Ní timeanddate.com, ẹ wá Event Time Announcer, ẹ mú Lagos, ẹ fi déètì ọjọ́ náà àti 8:00 sí i, á to aago gbogbo ìlú ńlá fún yín, á ti bá yín ka yíyí aago mọ́ ọn. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní Túsìdeè yẹn ni, ì bá ti fi 7:00 hàn mí fún Lọ́ńdọ̀n, ì bá sì ti bò mí láṣìírí.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ti líǹkì ṣe kẹ́ ẹ tó kọ ìpè

Mi ò ní pẹ́ níbí. Bó bá jẹ́ YouTube lẹ fẹ́ lò, ọjọ́ tí wọ́n bá bímọ ni kẹ́ ẹ ti lọ ṣí láífù sórí àkántì yín, torí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n lè dá a dúró fún wákàtí 24 kí wọ́n tó gbà fún un. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ máa fi ṣe é, wọ́n tún ń béèrè pé kó kéré tán èèyàn 50 ti tẹ̀ lé yín. Láptọ́ọ̀pù ò ní wàhálà èèyàn 50 yẹn. Ẹ yan Unlisted, kó jẹ́ pé ẹni tó ní líǹkì nìkan ló máa rí ọmọ yín. Ẹ wá lo Schedule, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ àti aago sí i ṣáájú, kí líǹkì lè ti wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó kọ ìpè.

Schedule yìí tún ń ṣe oore kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: ẹni tó bá ṣí líǹkì náà ṣáájú ọjọ́ náà, aago ìlú tiẹ̀ ló máa rí níbẹ̀. Torí náà bẹ́ ẹ bá ti rán líǹkì lọ, ẹ mú ẹnì kan nínú ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹ bi í pé "aago mélòó lẹ rí níbẹ̀, ọjọ́ wo?" Bí ohun tó sọ ò bá bá èyí tẹ́ ẹ kọ mu, nǹkan kan ti yingin nìyẹn, ẹ padà lọ wo ìgbésẹ̀ 3.

Bó bá jẹ́ Zoom tí ẹ ò sanwó fún, ìṣẹ́jú 40 ló máa gé e. Ìṣẹ́jú 40, àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan lè jẹ ẹ́ tán nílé wa.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọ ìpè

Bó ṣe yẹ kí n ti kọ tiwa nìyí. Ẹ lè mú un, kẹ́ ẹ yí ìlú àti aago ẹ̀ sí tiyín:

> Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ẹbí. Olúwa ti fún wa ní ọmọkùnrin làǹtìlanti, ìyá àti ọmọ wà lálàáfíà.
>
> A ó sọ ọ́ lórúkọ ní Sọ́ńdè, 26 Oṣù Kẹwàá 2025, l'Ékòó.
> Láífù máa bẹ̀rẹ̀ ní 8:00 àárọ̀ aago Èkó. 8:30 la máa dárúkọ ọmọ.
>
> Aago tí láífù máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín:
> Lọ́ńdọ̀n: Sọ́ńdè, 7:00 àárọ̀ (wọ́n máa dá aago yín padà lóru yẹn, a ti kà á mọ́ ọn)
> Dùbáì: Sọ́ńdè, 11:00 àárọ̀
> Mẹ́lìbọ̀n: Sọ́ńdè, 6:00 ìrọ̀lẹ́
> Tòróńtò: òru Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè, 3:00
> Hiúsítìn: òru Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè, 2:00
>
> Líǹkì: (ẹ lẹ̀ ẹ́ síbí)
>
> Ẹni tó bá ní orúkọ fún ọmọ, kó fi ránṣẹ́ sí mi kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Fúráídè aago Èkó tó lù. Kó kọ ọ́, kó tún fi ohùn pè é.
> Ẹni tí oorun bá gbé lọ kò ṣẹ̀ wá o, líǹkì yìí náà lẹ máa fi wò ó tílẹ̀ bá mọ́.
> Bí líǹkì bá ṣe yín bákan, ẹ pe (ẹnì kan tí kò ní gbé ìgbákọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà).

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi kọ àwọn nǹkan kan bẹ́ẹ̀.

Ti òru yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mú. Bẹ́ ẹ bá kọ "Sọ́ńdè, 2:00" lásán sí ará Hiúsítìn, á lọ ṣọ́ọ̀ṣì, á jẹun, á wá jókòó ní aago méjì ọ̀sán. Ẹlòmíì á dúró di òru Sọ́ńdè, tó ti di Mọ́ńdè. "Òru Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè" ni Yorùbá ti fún wa, ẹ lò ó, kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́. Ọ̀kan tó tún burú ju òun lọ ni aago méjìlá òru. Lọ́jọ́ tiwa yẹn, 8:00 l'Ékòó jẹ́ 12:00 òru gan-an ní Lọ́ọ̀sì Ánjẹ́lẹ́ẹ̀sì. Ẹ kọ 12:00 Sọ́ńdè, ìdajì wọn á gbà pé ọ̀sán ni, ìdajì á gbà pé òru tó máa parí Sọ́ńdè ni. Tí nǹkan bá bọ́ sí méjìlá òru, èmi máa ń kọ "Sátidé, ẹ wọlé ní 11:50 alẹ́", kí n kúkú fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jìnnà sí ìjàngbọ̀n.

Orúkọ tí wọ́n máa fi ohùn pè, ẹ má fojú di í. Ẹni tó ń gbé òkè òkun á fi fóònù tí ò ní àmì kọ "Ola", ẹni tó máa kà á l'Ékòó ò mọ̀ bóyá Ọlá ni tàbí Ọlà, á sì pè é bó ṣe wù ú síwájú gbogbo èèyàn. Ẹ gba ohùn wọn, kí ẹni tó máa pè é lórúkọ wọn gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì ní Sátidé. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá fún ọmọ lórúkọ máa ń fi owó sínú àwo omi, nítorí náà ẹnì kan nílé máa bá wọn ju owó sí i, á ní "lágbájá láti Tòróńtò ló ní kí n pè é báyìí báyìí." Inú wọn máa ń dùn tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ ara wọn láti inú fóònù lóru yẹn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Nọ́ńbà àkántì, ẹ má fi í sínú ìpè. Ìpè yìí máa rìn, wọ́n á fọ́wọ́ọ̀dù ẹ̀ láti gúrúùpù kan sí òmíràn, ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí lè mú un, kó yọ nọ́ńbà yín, kó fi tiẹ̀ sí i, kó wá máa rán an kiri bí ẹni pé ẹ̀yin ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ á béèrè, ẹ fún un ní kọ̀rọ̀. Ilé tẹ́ ẹ wà náà, nọ́ńbà ilé àti orúkọ àdúgbò, ẹ fi í sílẹ̀, ẹni tó wà ní Dùbáì ò nílò ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́

Ìpè tó bá wọ gúrúùpù ní aago mẹ́wàá àárọ̀ wa, aago mẹ́rin ìdájí ló dé Hiúsítìn nígbà ooru. Kí wọ́n tó jí, "Olúwa á wò ó" àti "Oríire ńlá" bí ogójì ti bò ó mọ́lẹ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ wa ni mo ń lò báyìí: nígbà ooru, Lọ́ńdọ̀n náà ń lu mẹ́jọ, Tòróńtò wà ní 3:00 ọ̀sán, Hiúsítìn ní 2:00 ọ̀sán, Dùbáì wà ní 11:00 alẹ́, wọn ò tíì sùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa rán an. Àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kẹta tàbí ọjọ́ kẹrin ọmọ, nígbà tẹ́ ẹ bá ti fẹnu kò lórí aago. Ẹ̀ẹ̀kejì ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìpè yẹn náà gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ má tún un kọ, torí bẹ́ ẹ bá tún un kọ, ìpè méjì ló máa wà nínú gúrúùpù tí ọ̀rọ̀ wọn ò dọ́gba. Ẹ̀ẹ̀kẹta, nígbà tó bá ku ìdajì wákàtí, gbólóhùn kan péré: "Ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú o, líǹkì rèé." Eléyìí ò nílò aago kankan nínú, torí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ò yàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì. Bí ètò bá sì pẹ́, ọ̀nà yìí náà lẹ máa gbà sọ ọ́, "ẹ fún wa ní ogún ìṣẹ́jú sí i", ẹ má kọ "a ti sún un sí 8:50" kí gbogbo ayé má tún bẹ̀rẹ̀ ìṣírò.

Àwọn àgbà tí kì í ka gúrúùpù, ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Kẹ́ ẹ má sọ aago Èkó fún wọn rárá. Ẹ sọ pé "Màmá, aago méje àárọ̀ Sọ́ńdè lórí aago tó wà lára ògiri yín, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ní kí ẹnì kan bá yín dá a padà." Torí fóònù ló ń yí ara ẹ̀, aago ògiri kò yí.

Àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́

Àwòrán aláràbarà tí wọ́n kọ aago sára ẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù. Ó dára lójú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti rán an tẹ́ ẹ rí i pé aago kan ò tọ̀nà, kò ṣeé tún ṣe, èyí tó ti lọ ti lọ. Ẹ fi àwòrán ọmọ tàbí òdòdó síbẹ̀, kẹ́ ẹ kọ aago sísàlẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú 15 lẹ ní láti tún un ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ rán an, nítorí náà ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀kan síwájú ẹlòmíì kí ìṣẹ́jú yẹn tó pé.

Èkejì, wọ́n á kọ "8 GMT" torí wọ́n rò pé GMT ni tiwa. Kì í ṣe tiwa, àwa fi wákàtí kan ṣíwájú GMT. Ẹ kọ "aago Èkó", ó tán.

Ẹ̀kẹta, líǹkì á ti jáde, ìjà nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹni tó ń ṣe láífù á bínú pa á, á ṣí tuntun. Líǹkì tuntun nìyẹn, àwọn tó ní ti àtijọ́ á wà lójú dúdú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí iná bá lọ, tẹ́ ẹ ń dúró de jẹnẹrétọ̀, ẹ ṣáà má pa ètò yẹn rẹ́, orí èyí tẹ́ ẹ ti rán náà ni kẹ́ ẹ padà sí.

Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ẹ wò ó:

- Aago Èkó ló ṣáájú, ọjọ́ àti déètì sì wà níbẹ̀.
- Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tiẹ̀ àti aago tiẹ̀, òru sì ń jẹ́ òru.
- Déètì ọjọ́ náà lẹ fi ṣírò, kì í ṣe tòní.
- Aago orúkọ yàtọ̀ sí aago ìbẹ̀rẹ̀.
- Ẹlòmíì ti tẹ líǹkì náà láti fóònù tí kì í ṣe tiyín, ó sì ṣí.
- Nọ́ńbà àkántì àti àdírẹ́sì ò sí nínú ẹ̀.

Bí aago ò bá ṣeé bá dọ́gba rárá

Àwọn kan máa ń ní ìyá ìyàwó ní Hiúsítìn tí ara ẹ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa jí ní aago méjì òru. Ẹ má fi dandan mú un. Ẹ gba àdúrà ẹ̀ sílẹ̀ nínú fídíò ní Fúráídè, ìṣẹ́jú méjì, kẹ́ ẹ gbé e sí àwọn èèyàn létí láti inú sípíkà kí wọ́n tó dárúkọ. Láífù YouTube á wà níbẹ̀ fún un láti wò tílẹ̀ bá mọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, bẹ́ ẹ bá ti rí i pé kò gùn ju wákàtí 12 lọ.

Tàbí kẹ́ ẹ pe ẹ̀ẹ̀kejì, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán l'Ékòó, nígbà tí wọ́n ti ń ká kánópì, Hiúsítìn á wà ní 9:00 àárọ̀ nígbà ooru, 8:00 nígbà òtútù. Ẹ pè wọ́n lórí fídíò WhatsApp, èèyàn 32 ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé ọmọ sí wọn lójú, kí oníkálukú pe orúkọ tó fún un fúnra ẹ̀. Ọ̀nà yìí la gbà bẹ àǹtí mi ní Pẹ́kàmù nígbà tó gbé fóònù níkẹyìn. Ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó dá gèlè ọjọ́ yẹn wé padà kó tó pè é, ó sì ní kí n kọ aago ìsọmọlórúkọ tó ń bọ̀ sórí bébà, kí n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sóun, kóun yẹ̀ ẹ́ wò.